Ṣé o mọ̀? Ìwo àgbò tí wọ́n fọn ní Jábínè

Ní Ìbàdàn, ìdílé kan ṣoṣo ló ń jẹ Abọkẹ, tí í bọ Òkè'Bàdàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ àlùfáà tẹ́ḿpìlì Jerúsálẹ́mù ṣe jẹ́ ti ìran Áárónì nìkan, títí ọmọ ogun Róòmù fi dáná sun tẹ́ḿpìlì kejì ní ọdún 70. Ẹbọ dópin. Àwọn onímọ̀ òfin kóra jọ sí ìlú Jábínè lọ́dọ̀ rábì Yohánánì ọmọ Sákáì.

Tẹ́lẹ̀, bí ọdún tuntun àwọn Júù bá bọ́ sí ọjọ́ Ìsinmi, inú tẹ́ḿpìlì ni wọ́n ti ń fọn ìwo àgbò. Yohánánì ní kí wọ́n máa fọn ọ́n níbikíbi tí ilé ẹjọ́ àwọn rábì bá wà. Táámúdù sọ pé àwọn kan ní kí àwọn kọ́kọ́ jíròrò. Ó ní kí wọ́n fọn ọ́n ná. Nígbà tí wọ́n fọn ọ́n tán, ó ní àríyànjiyàn ti parí, ìwo ti dún ní Jábínè. Ọgbọ́n ńlá gbáà ni! Bí ilé ẹjọ́ ṣe gba ipò tẹ́ḿpìlì nìyẹn.

Wọn kò lé àwọn ọmọ Áárónì dànù: títí dòní, àwọn ni wọ́n ń kọ́kọ́ pè síbi kíka Tórà. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ di rábì, ẹ̀kọ́ ni yóò kọ́, ìdílé yòówù kó ti wá.