Wọ́n ní Ẹrù Ti Dé, Ẹni Tó Rà Á Ò Rí I

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ aránṣọ kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, ó fi 85 pọ́ùn ra ẹ̀rọ ìránṣọ lórí ọjà ayélujára. Ní ọjọ́ 9, ojú fóònù rẹ̀ gbé "Delivered" jáde. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó bi àwọn aládùúgbò léèrè. Kò sí ẹ̀rọ, kò sí páálí.

Òǹtajà ní kó lọ bá àwọn tó gbé ẹrù. Irọ́ ni. Abala 29 nínú Òfin Ẹ̀tọ́ Oníbàárà ti ọdún 2015 nílùú Ọba sọ pé ọrùn oníṣòwò ni ẹrù wà títí tó fi máa bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó rà á, tàbí ẹni tí olùrà fúnra rẹ̀ yàn láti bá a gbà á. Bí aránṣọ yìí bá ti kọ ọ́ pé kí wọ́n gbé e sẹ́yìn géètì, ẹjọ́ á yàtọ̀. Á tún yàtọ̀ bí ẹni tó tà á kì í bá ṣe oníṣòwò, tó kàn ń ta ẹrù ilé rẹ̀.

Ìwé ẹ̀sùn kan ṣoṣo ló yẹ kó kọ, kó darí rẹ̀ sí òǹtajà àti ẹ̀ka tó ń parí ìjà lọ́jà náà. Inú àpótí ọ̀rọ̀ tó wà lórí ọjà yẹn gan-an ni kó ti kọ ọ́, torí àwọn onílàjà kì í rí ohun tí èèyàn bá sọ lórí Wáàsáàpù. Bó bá kọ méjì, ó rọrùn kí ọjọ́ inú ọ̀kan ta ko ti èkejì. Bí ìwé náà ṣe lè lọ rèé:

"Mo san 85 pọ́ùn ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta. Wọ́n kọ ọ́ pé ẹrù dé ní ọjọ́ 9. N kò gbà á, n kò yan ẹnikẹ́ni láti gbà á, n kò sì ní kí wọ́n gbé e síbì kankan. Òǹtajà, ẹ fi àwòrán tí awakọ̀ yà lẹ́nu ọ̀nà ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ 17, tàbí kí ẹ dá owó mi padà. Ẹ̀yin onílàjà, bí ọjọ́ yẹn bá kọjá, ẹ dá ẹjọ́ náà."

Àwòrán yẹn ló sábà máa ń tú àṣírí. Ilẹ̀kùn pupa ló wà níbẹ̀, dúdú sì ni tirẹ̀. Ilé 41 ni wọ́n gbé e lọ, 14 ló ń gbé.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe ni ìgbà tí òǹtajà bá ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ti ẹ̀sùn pa, òun á fi òmíràn ránṣẹ́. Ọjọ́ ń lọ. Lórí eBay, fún àpẹẹrẹ, 30 ọjọ́ péré lèèyàn ní láti fẹjọ́ sùn, kíkà rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ní ẹrù á dé, ó pẹ́ tán. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀sùn wà ní ṣíṣí títí owó tàbí ẹrù á fi tẹ̀ yín lọ́wọ́.