Kàlẹ́ńdà àkóónú fún ilé-iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn

Kàlẹ́ńdà àkóónú jẹ́ àtẹ tí ilé-iṣẹ́ kan fi ń pinnu ohun tí yóò kọ sórí ayélujára, ẹni tí ó ń kọ ọ́ fún, àti ọjọ́ tí yóò gbé e jáde. Fún agbaninímọ̀ràn tó ń wá oníbàárà lórí ìkànnì àwọn oníṣẹ́ bíi LinkedIn, ọjọ́ tí ohun kan di dandan fún oníbàárà ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ àtẹ náà, tí a ó sì máa kà á padà sẹ́yìn.

A lè fi agbaninímọ̀ràn lórí owó-orí ní Ìkọ̀yà, ní agbègbè Òkìtìpupa, ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tó ń fún epo pupa lójoojúmọ́ lè má sí lórí LinkedIn rárá. Ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ ìfúnpo náà, tó ń gbé Àkúrẹ́ tàbí Èkó, ni àtẹ̀jáde náà ń wá. Ní Nàìjíríà, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ìwé owó-orí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti ọdún tó kọjá ránṣẹ́ kí 31 Oṣù Kìíní tó kọjá. Ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ń dá òwò ṣe ní títí di 31 Oṣù Kẹta láti ṣe tirẹ̀.

Bí kíkó ìwé owó jọ bá ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àtẹ̀jáde tó jáde ní 25 Oṣù Kẹta ti pẹ́ jù: ẹni tó kà á kò ní àkókò láti gba agbaninímọ̀ràn mọ́. Nítorí náà, ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kìíní ni àtẹ̀jáde àkọ́kọ́ yóò ṣàlàyé àwọn rìsíìtì tó yẹ kí olówò tọ́jú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kejì, òmíràn yóò fi ìṣirò hàn bí ẹni tó da owó ilé pọ̀ mọ́ owó òwò ṣe ń pàdánù ìnáwó tí òfin gbà á láyè láti yọ kúrò. Èyí ni ó sábà máa ń mú ènìyàn béèrè ìpàdé, nítorí pé olówò rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Bí ìṣirò náà bá ti ọwọ́ oníbàárà gidi wá, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ rẹ̀. Ìránnilétí kúkúrú ti tó fún Oṣù Kẹta.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀jáde kọ̀ọ̀kan, àtẹ náà tún máa ń ní orúkọ ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Àtúnlò àtẹ ọdún tó kọjá láìyẹ̀ ẹ́ wò léwu. Àwọn òfin owó-orí tuntun tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní 26 Oṣù Kẹfà, 2025 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1 Oṣù Kìíní, 2026, àjọ tó ń gba owó-orí ìjọba àpapọ̀ sì yí orúkọ padà.

Àbùkù mìíràn ni kí àtẹ kún fún ìkíni ọdún àti ọjọ́ ìsinmi. Irú rẹ̀ máa ń rí ìfẹ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n àwọn agbaninímọ̀ràn ẹlẹgbẹ́ ẹni ló sábà ń tẹ̀ ẹ́. Àmì tó ṣeé gbára lé ni iye olówò tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láti béèrè iye owó tàbí ọjọ́ ìpàdé. A máa ń kọ ọ́ sí òpin ìlà àtẹ̀jáde náà.