Bí a ṣe ń mọ ọjà tó fẹ́ tán ní sítọ̀ọ̀ àti iye tí a ó rà

Ọ̀pọ̀ yín ló ti bi wá pé, nígbà tí páálí ọṣẹ ṣì wà nílẹ̀ ní sítọ̀ọ̀ tí gbogbo wa ń fojú rí i, kí ló dé tí a fi ń sọ pé ọṣẹ kò tó? Àwọn mìíràn bi wá pé kí ló dé tí a ra ọṣẹ tí a kò sì ra ẹní. Inú àwòrán kan ni ìdáhùn ìbéèrè méjèèjì wà. Ní àràárọ̀ ọjọ́ Ajé, olùtọ́jú sítọ̀ọ̀ máa ń ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ níbi tí àkọsílẹ̀ ọjà wà, a sì fi ránṣẹ́ sí wa lórí Wasáàpù. Láti ara àwòrán náà la ti ń kọ ìwé ohun tí a ó rà. Àwọn kan nínú yín ti wà nínú ìgbìmọ̀ ibùdó báyìí, ẹ sì ń bá wa yẹ ìwé yìí wò, nítorí náà a fẹ́ kí gbogbo ilé mọ bí a ṣe ń kà á.

Ẹ wo ìlà mẹ́ta tí a fi ṣe àpẹẹrẹ yìí, bí ó ṣe máa ń hàn lójú kọ̀ǹpútà:

```
Item            On Hand  Reserved  On Order  Reorder Level  Max
Bath Soap 250g      340       120         0            300  900
Mat                  40         0       100             50  200
ORS                  12         0         0            200  600
```

`On Hand` ni iye tó wà nílẹ̀. `Reserved` ni èyí tí a ti yà sọ́tọ̀ fún àwọn kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì jáde. `On Order` ni èyí tí a ti sọ fún oníṣòwò pé kó kó wá tí kò tíì dé. `Reorder Level` ni iye tí ọjà kò gbọdọ̀ dín sí kí a tó lọ ra òmíràn, `Max` sì ni iye tí a fẹ́ kó wà nílẹ̀ lẹ́yìn tí a bá rà.

Ẹni tó bá yára wo ìlà ọṣẹ yóò sọ pé 340 ju 300 lọ, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n 120 nínú rẹ̀ kì í ṣe ti ibùdó yìí mọ́. Àwọn ẹbí tí wọ́n wà ní ilé ẹ̀kọ́ tó wà lódì kejì odò ni a yà á sọ́tọ̀ fún, mọ́tò yóò sì gbé e lọ ní Ọjọ́bọ̀. Nítorí náà a kọ́kọ́ yọ èyí tí a ti yà sọ́tọ̀ kúrò, a sì fi èyí tó ń bọ̀ lọ́nà kún un: 340 − 120 + 0 = 220. Iye yìí la fi ń wé `Reorder Level`. Ó ti dín sí 300, ọṣẹ gbọ́dọ̀ wọ ìwé ìrajà. Páálí tí ẹ rí nílẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó kàn ti ní olówó ni.

Èló la ó wá rà? A ó yọ 220 kúrò nínú 900, ó ku 680. Ọṣẹ 36 ló wà nínú páálí kan tí oníṣòwò wa ń tà, kì í sì í tú páálí. Páálí 18 jẹ́ 648, kò tó; 19 jẹ́ 684. A ó kọ 19.

Ṣùgbọ́n a kì í dúró níbẹ̀, torí ibi tí 300 yẹn ti wá ṣe pàtàkì. Ìlànà tí àwọn àjọ aṣèrànwọ́ káàkiri ayé ń tẹ̀lé, tí wọ́n ń pè ní Sphere, sọ pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní 250 gíráàmù ọṣẹ ìwẹ̀ lóṣù. Ìyẹn jẹ́ ọṣẹ kan péré nínú irú èyí tí a ń pín, yàtọ̀ sí ọṣẹ ìfọṣọ. Nígbà tí ènìyàn 600 wà nínú ìwé orúkọ, tí a sì ń pe ìlà kan lẹ́yìn èkejì lójoojúmọ́ láti wá gbà, ọṣẹ bí 20 ló ń jáde lóòjọ́. Ọjọ́ 10 ni ọjà fi ń dé láti ọ̀dọ̀ oníṣòwò. A fi ọjọ́ 5 kún un nítorí ọ̀nà tí omi lè tún gé. Ọjọ́ 15 lọ́nà 20 ni 300. `Max` sì jẹ́ oúnjẹ ọjọ́ 45, bí a bá lè pe ọṣẹ ní oúnjẹ.

Bí ènìyàn bá wá di 780 ńkọ́, nítorí àwọn ẹbí tuntun tí omi lé wá àti àwọn ọmọ tí ẹ bí síbí? Ọṣẹ 26 ni yóò máa jáde lóòjọ́, `Reorder Level` yóò di 390, `Max` yóò sì di 1,170. Kọ̀ǹpútà kì í mọ èyí fúnra rẹ̀. Yóò máa fi 300 hàn títí ènìyàn yóò fi yí i padà. Pẹ̀lú òǹkà tuntun yìí, 1,170 dín 220 jẹ́ 950, páálí 27 nìyẹn, kì í ṣe 19.

Ohun kan tún wà tó burú ju ìyẹn lọ. Bí 26 bá ń jáde lóòjọ́, 220 kò ní pé ọjọ́ 9 kó tó tán, ọjà tuntun kò sì ní dé títí di ọjọ́ kẹwàá. Ọjọ́ bíi méjì ni àwọn kan yóò lọ láìrí ọṣẹ gbà, bẹ́ẹ̀ inú ibùdó tí èrò pọ̀ ni ìgbẹ́ gbuuru ti ń tètè ràn. Irú àsìkò bẹ́ẹ̀ la máa ń ra páálí 2 ní ọjà ìtòsí lójú ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ wọ́n díẹ̀, tí a ó sì ní kí oníṣòwò kó 25 tó kù wá.

Ti ẹní yàtọ̀. Ogójì péré ló wà nílẹ̀, ó sì dín sí 50, kọ̀ǹpútà a máa fi àwọ̀ pupa kun irú ìlà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n 100 wà lọ́nà, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 140, nítorí náà a kò rà. Ohun tó yẹ ká ṣe ni ká bèèrè ọjọ́ tí a ti ní kí wọ́n kó 100 náà wá. Bó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a ó pe oníṣòwò. Bó bá ní òun kò rí ẹní rà mọ́, a ó pa 100 yẹn rẹ́, 40 nìkan ni yóò kù, a ó sì lọ ra 160 níbòmíràn. Ọjà tó wà lórí ìwé tí kò wà lójú ọ̀nà ló sábà máa ń jẹ́ kí ènìyàn sun ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

ORS, ìyẹ̀fun tí a ń pò mọ́ omi fún ẹni tó ń yàgbẹ́ gbuuru, máa ń dẹ́rù bani: 12, nígbà tí ó yẹ kó jẹ́ 200! Ṣùgbọ́n páálí ni olùtọ́jú sítọ̀ọ̀ kà níbí, ọ̀rá kọ̀ọ̀kan sì ni 200 ń tọ́ka sí. Nínú àpẹẹrẹ wa, ọ̀rá 100 wà nínú páálí kọ̀ọ̀kan, 1,200 ló wà nílẹ̀. A kò ní rà. Nígbàkigbà tí iye kan bá kéré tàbí pọ̀ lọ́nà àrà, a kì í méfò. A máa ń pe sítọ̀ọ̀ kí wọ́n ka ohun tó wà lára páálí fún wa.

Àwòrán fúnra rẹ̀ náà lè tanni jẹ. Bí ìlà 34 bá wà tí àwòrán kan fi 20 hàn, 14 tó kù kò ní wọ ìwé ìrajà, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀. Nítorí náà a máa ń wo ìsàlẹ̀ àwòrán, níbi tí a máa ń kọ `1-20 of 34` sí, a ó sì bèèrè èyí tó kù. Bí àwòrán méjì bá sì wọ ara wọn, ìlà kan náà lè jáde lẹ́ẹ̀mejì, kí a sì rà á lẹ́ẹ̀mejì. Òǹkà 3 àti 8 tí kò hàn dáadáa, a máa ń ní kí wọ́n tún un yà.

Ẹ óò rí ìwé ìrajà náà lára ilẹ̀kùn sítọ̀ọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí a tó sanwó ní Ọjọ́rú. Bí ohun kan bá ti tán lọ́dọ̀ yín tí kò sí níbẹ̀, ẹ sọ fún aṣojú ìlà yín kó tó di ìrọ̀lẹ́. Bí ẹbí yín bá sì ti pọ̀ sí i tàbí tí àwọn kan ti padà sílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá sọ níbi tábìlì ìwé orúkọ. Òǹkà ibẹ̀ la fi ń yí `Reorder Level` padà.