Ọkàn Ta Ni Ó Ń Lù Lábẹ́ Pákó?

Ẹnì kan pa arúgbó kan tí wọ́n jọ ń gbé, ó gé òkú rẹ̀, ó yọ pákó mẹ́ta nílẹ̀ yàrá, ó kó o sábẹ́ rẹ̀, ó sì to pákó náà padà bí ó ṣe wà. Nígbà tó ṣe tán, aago mẹ́rin òru ti lù. Ìgbà náà ni ọlọ́pàá mẹ́ta kan ilẹ̀kùn: aládùúgbò kan ti gbọ́ igbe lóru, ó sì ti lọ fi tó wọn létí. Ọkàn apànìyàn yìí balẹ̀. Ó mú wọn yí gbogbo ilé ká, ó gbé àga fún wọn nínú yàrá tí òkú wà gan-an, ó sì gbé tirẹ̀ ka orí pákó náà. Wọ́n ń tàkúrọ̀sọ. Láìpẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ nǹkan kan tó ń dún kì, kì, kì. Ìró náà ń le sí i títí kò fi lè mú un mọ́ra. Ó fi ẹnu ara rẹ̀ pariwo pé òun ni òun pa á, kí wọ́n tú pákó.

Bí “The Tell-Tale Heart” ṣe parí nìyẹn, ìtàn kúkúrú tí Edgar Allan Poe, òǹkọ̀wé ọmọ Amẹ́ríkà, kọ. Oṣù Kìíní ọdún 1843 ló jáde nínú ìwé ìròyìn kan tó ń jẹ́ The Pioneer, ní ìlú Boston. Kò gùn rárá. Ènìyàn lè kà á tán kí ìrẹsì tó jinná. Síbẹ̀, olùkọ́ tó bá mọ ìbéèrè bi lè fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko kọ́ ọmọ kíláàsì nípa asọ̀tàn, kókó ọ̀rọ̀ àti ìparí ìtàn láti inú òun nìkan.

Ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ wá sẹ́nu ni pé ṣé orí asọ̀tàn yìí pé. Ìbéèrè náà kò dára tó. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni gbogbo kíláàsì yóò dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, wọn yóò sì pa ìwé dé. Èyí tó ń dá akẹ́kọ̀ọ́ padà sínú ìwé ni: kí ni asọ̀tàn yìí sọ pé òun mọ̀ tí kò sí bí ó ṣe lè mọ̀ ọ́n? Ó ní òun gbọ́ ohun tó ń lọ lọ́run àti láyé, àti púpọ̀ nínú ti ọ̀run àpáàdì. Ó tún ro gbogbo ohun tó wà lọ́kàn arúgbó náà bí ó ṣe jókòó lórí ibùsùn nínú òkùnkùn, bí ẹni pé ó jẹ́ asọ̀tàn arínúróde. Báwo ló ṣe mọ̀ ọ́n? Ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀: irú ìkérora yẹn ti máa ń jáde láti inú òun náà lóru. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rí ibẹ̀ yóò rí i pé ẹ̀rù ara rẹ̀ ló ń kà lójú ẹlòmíràn.

Lọ́dún 1961 ni Wayne Booth, onímọ̀ lítíréṣọ̀ ní Amẹ́ríkà, fún irú asọ̀tàn tí a kò lè gbára lé báyìí lórúkọ nínú ìwé rẹ̀. Àṣìṣe tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣe nígbà tí wọ́n bá gbọ́ orúkọ yìí ni pé wọ́n á da gbogbo ọ̀rọ̀ asọ̀tàn nù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá tako ìfọ́nnu ẹni tó ń sọ ọ́ ni ó ṣeé gbà jù.

Ẹ wo òru kẹjọ. Òru méje ni asọ̀tàn ti ń ṣí ilẹ̀kùn arúgbó náà wẹ́rẹ́ láàárín òru, tó ń fi bíi wákàtí kan ki orí bọ inú yàrá, tó sì ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín kan ṣoṣo jáde láti inú àtùpà tó bò. Ó ń fi sùúrù rẹ̀ yangàn. Ṣùgbọ́n lóru kẹjọ, inú rẹ̀ dùn débi pé ẹ̀rín fẹ́ẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ yọ̀ lára irin tí wọ́n fi ń ti àtùpà, arúgbó náà sì ta jí. Nígbà tó yá, ẹni tó pe ara rẹ̀ ní oníṣọ̀ọ́ra yìí fi igbe ńlá fò wọ yàrá. Kò sí ẹni tó fẹ́ ṣe fọ́ńté tó máa fi ìyẹn kún un. Nítorí náà, a lè gbà á gbọ́. Èmí rẹ̀ sì tún wà níbòmíràn: ó sọ fún ọlọ́pàá pé òun ni òun kígbe lójú àlá. Irọ́ ló fẹ́ pa, ṣùgbọ́n ó ti kígbe lóòótọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa tó ń sọ Yorùbá gan-an ni kókó ọ̀rọ̀. Ẹ béèrè ohun tí ìtàn náà dá lé lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa, “ẹ̀rí ọkàn” ni yóò wí kí ẹ tó parí ìbéèrè. Èdè wa ti fi ọkàn àti ìjẹ́rìí sójú kan náà, àkọlé ìtàn náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìtumọ̀ rẹ̀. Ìdáhùn náà kò burú, àmọ́ ó yá jù. Ìbéèrè tó yẹ kó tẹ̀ lé e ni: ìgbà wo ni asọ̀tàn kọ́kọ́ gbọ́ ìró náà?

Kí ó tó pa ẹnikẹ́ni ni. Arúgbó náà ṣì wà láàyè lórí ibùsùn, asọ̀tàn sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, nígbà tó gbọ́ ohun kan tó dà bí ìró aago tí wọ́n fi òwú wé. Àfiwé yìí kan náà ló lò nígbà tí ìró náà padà wá níwájú ọlọ́pàá. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rí ọkàn ló lù lẹ́ẹ̀kejì, kí ló lù lẹ́ẹ̀kíní? Àwọn kan ní ọkàn asọ̀tàn fúnra rẹ̀ ni, nítorí ẹni tí jìnnìjìnnì bá máa ń gbọ́ ìlù àyà rẹ̀ létí. Àwọn mìíràn tọ́ka sí kòkòrò kan tó ń jẹ igi ògbólógbòó nínú ilé, tó máa ń kan orí mọ́ igi kí ó lè pe ẹnìkejì rẹ̀. Asọ̀tàn alára dárúkọ rẹ̀ pé òun ti ń tẹ́tí sí i lára ògiri lóròòru. Kòkòrò kì í ṣàdédé le sí i nítorí pé ọlọ́pàá wà nílé, ìyẹn ni àlàyé yẹn fi mẹ́hẹ. Àlàyé ti àyà ara rẹ̀ ló lágbára jù lójú tèmi, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi ọ̀rọ̀ inú ìwé gbe òmíràn lẹ́sẹ̀ yẹ kó gba máàkì.

Ní ìparí, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá ohun tó mú un jẹ́wọ́ gan-an. Kì í ṣe àánú arúgbó náà. Ohun tó sọ ni pé ẹ̀rín àwọn ọlọ́pàá ni òun kò lè fara dà mọ́, pé wọ́n ti gbọ́, wọ́n sì ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. A kò rí i nínú ìtàn pé wọ́n gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ wọn kankan kò sí níbẹ̀ ní tààrà.

Ohun kan yẹ kí olùkọ́ kíyè sí bí ó bá ń tún ìtàn yìí sọ ní Yorùbá. Bí ó bá pe arúgbó náà ní “bàbá”, ọmọ kíláàsì lè rò pé bàbá tó bí asọ̀tàn ni. Poe kò sọ ohun tí wọ́n jẹ́ sí ara wọn. Kò sọ orúkọ asọ̀tàn, kò sì sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. “Ó” tiwa bá a mu wẹ́kú. Ohun kan ṣoṣo ni arúgbó náà là ẹnu sọ nínú gbogbo ìtàn, nígbà tí àtàǹpàkò yẹn yọ̀ tó sì ta jí: ó béèrè ẹni tó wà níbẹ̀. Wákàtí kan kọjá, asọ̀tàn kò dá a lóhùn.