Yíyan irú àtẹ fún dáṣíbọ́ọ̀dù adáṣiṣẹ́

Dáṣíbọ́ọ̀dù adáṣiṣẹ́ jẹ́ ojú-ewé kan lórí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù tí ó ń kó nọ́ńbà iṣẹ́ jọ láti inú àkójọ dátà, tí ó sì ń ya wọ́n sí àtẹ fúnra rẹ̀, lójoojúmọ́ tàbí ní wákàtí dé wákàtí. Orúkọ náà wá láti ara pátákó tó wà níwájú awakọ̀, níbi tí ó ti ń wo eré tí ọkọ̀ ń sá àti epo tó kù láìgbé ojú kúrò lójú ọ̀nà pẹ́. Àwọn ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ ló sábà máa ń wò ó, wọn kì í sì í ní ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ kí wọ́n tó wọ ìpàdé. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bóyá nǹkan ń lọ sókè, ó ń lọ sílẹ̀, tàbí ó dúró síbi tó wà.

Ẹni tó ya àtẹ fún ìròyìn ọlọ́dọọdún ti rí nọ́ńbà rẹ̀ kí ó tó yan irú àtẹ, ó sì lè tún un ṣe bí kò bá dára lójú. Ẹni tó ń ṣe dáṣíbọ́ọ̀dù adáṣiṣẹ́ ń yan àtẹ fún nọ́ńbà tí kò tíì rí rí. Àtẹ tó dára lónìí lè di ẹ̀tàn lóṣù mẹ́ta sí i, kò sì ní sí ẹni tí yóò dá a dúró kí ó tó dé iwájú ọ̀gá. Ìdí nìyí tí yíyan àtẹ fún irú ojú-ewé bẹ́ẹ̀ fi le ju bí ó ti rí lójú lọ.

== Ìbéèrè ló ń yan àtẹ ==

William Playfair, ọmọ ilẹ̀ Skọ́tíláńdì, ni a kà sí ẹni tó kọ́kọ́ lo gíráàfù onílà àti àtẹ ọ̀pá fún ọ̀rọ̀ ajé, nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1786. Fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń bá ṣòwò, ó ní àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún lọ́wọ́, nítorí náà ó fa ìlà láti ọdún dé ọdún. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé orí òwò Skọ́tíláńdì fúnra rẹ̀, àkọsílẹ̀ ọdún kan péré ló rí. Kò sí ohun tí ìlà lè so pọ̀. Ó wá ya ọ̀pá kọ̀ọ̀kan fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, kí òǹkàwé lè fi gígùn wọn wéra.

Ìpinnu yẹn ṣì jẹ́ ìlànà títí di òní. Bí ìbéèrè ọ̀gá bá jẹ́ “báwo ni ó ti ń lọ bọ̀ láti ìgbà dé ìgbà?”, gíráàfù onílà ni ó yẹ, nítorí pé ojú máa ń tẹ̀ lé ìlà gẹ́gẹ́ bí ó ti ń tẹ̀ lé ipa ọ̀nà. Bí ó bá jẹ́ “ẹ̀ka wo ló ju èkejì lọ?”, àtẹ ọ̀pá ni, kí a sì tò ó láti èyí tó gùn jù sí èyí tó kúrú jù.

Àtẹ róbótó tí a gé bí ẹni gé àkàrà òyìnbó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń rò. Playfair náà ló mú un jáde, ní 1801. Ṣùgbọ́n ojú ènìyàn kò mọ igun wọ̀n dáadáa. Nínú ìwádìí tí William Cleveland àti Robert McGill tẹ̀ jáde ní 1984, wọ́n rí i pé àwọn ènìyàn máa ń ṣe déédéé jù lọ nígbà tí wọ́n bá ń fi ibi tí àmì wà lórí òṣùwọ̀n kan náà wéra. Gígùn ló tẹ̀ lé e, igun sì wà lẹ́yìn. Lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, róbótó ní àbùkù mìíràn. Ilé-iṣẹ́ tó ní ẹ̀ka mẹ́rin lónìí lè ní mọ́kànlá lọ́dún tó ń bọ̀, nígbà náà àtẹ náà yóò di ègé wẹ́wẹ́ tí kò ṣeé kà. Ọ̀pá kàn máa pọ̀ sí i ni.

== Nígbà tí kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ ==

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lórí gíráàfù onílà ni ti oṣù tí kò tíì parí. Kí a mú ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì kan tó ń ta nǹkan bí 50,000 búrẹ́dì lóṣooṣù gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Bí ọ̀gá bá ṣí dáṣíbọ́ọ̀dù ní ọjọ́ kẹwàá oṣù, nǹkan bí 17,000 ni yóò rí fún oṣù náà, ìlà yóò sì já wálẹ̀ bí ẹni pé ọjà ti dáwọ́ dúró. Kò sí irọ́ nínú nọ́ńbà náà, síbẹ̀ ohun tí ojú rí kì í ṣe òtítọ́. A lè mọ àṣìṣe yìí nípa pé orí òpin ìlà ló máa ń wà nígbà gbogbo, ó sì máa ń “sàn” fúnra rẹ̀ bí oṣù bá ti ń lọ sópin. Inú ìbéèrè tí a fi ń mú dátà jáde ni a ti ń tún un ṣe. Àpẹẹrẹ kan nìyí, ní èdè SQL ti PostgreSQL:

```sql
SELECT date_trunc('month', ojo_tita) AS osu,
       SUM(iye) AS apapo
FROM tita
WHERE ojo_tita < date_trunc('month', CURRENT_DATE)
GROUP BY 1
ORDER BY 1;
```

Ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `WHERE` ló ń ṣe iṣẹ́ náà: kò jẹ́ kí ohunkóhun tó bọ́ sínú oṣù tí a wà yìí wọlé. Ọ̀rọ̀ iye ọjọ́ fara jọ èyí. Oṣù Kejì tó ní ọjọ́ 28 fi nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí Oṣù Kìn-ín-ní tó ní 31, bí ọjà ojoojúmọ́ kò tilẹ̀ yí padà rárá. Ẹni tí èyí bá ń dà láàmú lè pín iye oṣù kọ̀ọ̀kan sí iye ọjọ́ tó wà nínú rẹ̀.

Àṣìṣe kejì wà lára òṣùwọ̀n òró, ìyẹn ìlà nọ́ńbà tó dúró ní ẹ̀gbẹ́ àtẹ. Ọ̀pọ̀ ohun èlò máa ń yan òṣùwọ̀n yìí fúnra wọn kí ìlà lè kún àtẹ. Bí ọjà bá rìn láàrin 49,200 àti 50,800 fún oṣù mẹ́fà, kọ̀ǹpútà lè bẹ̀rẹ̀ òṣùwọ̀n láti 49,000 kí ó parí rẹ̀ sí 51,000. Ìlà tó yẹ kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ yóò wá gun òkè, yóò sọ̀ kalẹ̀ bí òkè Ìdànrè. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, bí nọ́ńbà kan bá jìnnà, òṣùwọ̀n yóò yí padà, ọ̀gá yóò sì rò pé ara ọjà ti balẹ̀. Fún àtẹ ọ̀pá, òṣùwọ̀n gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0, nítorí gígùn ni ojú ń kà. Gíráàfù onílà kò ní dandan yẹn, ṣùgbọ́n kí a so òṣùwọ̀n rẹ̀ mọ́ ibi kan, kí a sì fi àyè sílẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, kí nọ́ńbà tó bá jìnnà má baà bọ́ sí ìta àtẹ.

== Ọfà pupa àti ààlà ==

Ọ̀pọ̀ dáṣíbọ́ọ̀dù máa ń fi nọ́ńbà ńlá kan hàn pẹ̀lú ọfà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: àwọ̀ ewé bí oṣù yìí bá ju èyí tó kọjá lọ, pupa bí kò bá tó o. Ó rọrùn láti kà. Ẹ̀wẹ̀, ọfà náà kò mọ ìyàtọ̀ láàrin ìṣípòpadà lásán àti àyípadà tòótọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan wà tí ojú wọn kò lè ya pupa sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀ ewé.

Kí a padà sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì wa. Iye tí ó tà láti Oṣù Kìn-ín-ní dé Oṣù Kejìlá, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, nìyí: 52, 48, 50, 55, 49, 51, 47, 53, 50, 54, 48, 43. Ní Oṣù Kejìlá, ọfà yóò pupa, yóò sì sọ pé ọjà fi ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ sílẹ̀. A óò pe olórí àwọn olùtajà wá sí ìpàdé láti wá ṣàlàyé. Ṣé ohun kan wà láti ṣàlàyé?

Irú àtẹ tó lè dáhùn wà. Walter Shewhart ya irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1924, nígbà tó wà ní ilé-iṣẹ́ Western Electric ní Amẹ́ríkà. Gíráàfù onílà ni, tí a fi ìlà mẹ́ta tẹ́ sí: ìpíndọ́gba láàrin, ààlà kan lókè, ààlà kan nísàlẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Àpapọ̀ oṣù méjìlá náà jẹ́ 600, nítorí náà ìpíndọ́gba jẹ́ 50. Lẹ́yìn náà a wo ìyàtọ̀ tó wà láàrin oṣù kọ̀ọ̀kan àti èyí tó tẹ̀ lé e, láìka bóyá ó lọ sókè tàbí sílẹ̀: 4, 2, 5, 6, 2, 4, 6, 3, 4, 6, 5. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 47. Bí a bá pín in sí 11, a ó rí nǹkan bí 4.27. A fi 2.66, tí í ṣe nọ́ńbà tí kì í yí padà fún irú àtẹ yìí, sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 11.4. Ààlà òkè wá jẹ́ 61.4, ti ìsàlẹ̀ sì jẹ́ 38.6.

Nọ́ńbà 43 wà láàrin ààlà méjèèjì. Ìlọsílẹ̀ Oṣù Kejìlá bá bí ọjà náà ti máa ń mì mu, ìpàdé tí a pè kò sì ní rí ìdí pàtàkì kankan. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé yóò rí ìdí kan ṣáá, nítorí ẹni tí ọ̀gá bá bi léèrè gbọ́dọ̀ dáhùn.

Ṣùgbọ́n kí a ní ọdún tuntun mú 46, 47, 45, 48, 46 àti 49 wá. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó kọjá ààlà, ọfà yóò sì máa pààrọ̀ àwọ̀ lóṣooṣù: ewé, ewé, pupa, ewé, pupa, ewé. Mẹ́rin nínú mẹ́fà jẹ́ ewé, bí ẹni pé ara ń le. Síbẹ̀ láti Oṣù Kọkànlá títí dé Oṣù Kẹfà, oṣù mẹ́jọ léraléra ti wà nísàlẹ̀ ìpíndọ́gba. Bí ó bá jẹ́ pé owó ẹyọ la ń jù, ẹ̀ẹ̀kan péré nínú 128 ni ìjùsílẹ̀ mẹ́jọ yóò fi ojú kan náà hàn. Níhìn-ín ni ó yẹ kí a pe ìpàdé. Àtẹ tó ní ààlà rí ohun tí ọfà fi pamọ́, kí èyí sì lè ṣeé ṣe, a gbọ́dọ̀ fi ìpíndọ́gba àti ààlà sílẹ̀ bí ọdún àkọ́kọ́ ti fi wọ́n lélẹ̀. Bí a bá jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa tún wọn ṣírò lóṣooṣù, wọn yóò máa tẹ̀ lé ọjà sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ ìlera ìjọba, NHS, ní ètò kan tí wọ́n pè ní Making Data Count, tí ó ń rọ àwọn ìgbìmọ̀ alákòóso ilé-ìwòsàn láti fi irú àtẹ yìí rọ́pò tábìlì aláwọ̀ pupa, olómi ọsàn àti àwọ̀ ewé.

== Ibi tí àtẹ olójú-ààlà kò ti wúlò ==

Ọjà tó ní ìgbà tirẹ̀ kò bá a mu bí ó ti wà. Omi inú ọ̀rá máa ń tà nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ ju ìgbà òjò lọ. Àtẹ yóò máa kígbe lọ́dọọdún nípa ohun tí gbogbo ayé ti mọ̀. Fún irú ọjà bẹ́ẹ̀, ìlà méjì ni ó sàn, ti ọdún yìí ní àwọ̀ tó dú, ti èṣí ní àwọ̀ eérú, kí Oṣù Kẹta lè bá Oṣù Kẹta ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wéra. Ilé-iṣẹ́ tó ń dàgbà kánkán yóò tètè fo ààlà òkè, kò sì sí ìròyìn tuntun nínú ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni nọ́ńbà oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún kò tó láti fi fa ààlà tó ṣeé gbára lé. Títí wọn yóò fi tó méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìlà lásán láìní ààlà ni kí dáṣíbọ́ọ̀dù fi hàn.