Wọ́n Ò Gbà Yín Síbi Iṣẹ́ Kan, Òmíràn Ṣì Ṣí Sílẹ̀ Níbẹ̀

Lẹ́tà náà kì í gùn. Wọ́n á dúpẹ́ pé ẹ wá, wọ́n á ní ẹlòmíràn ni àwọn mú, wọ́n á sì fi kún un pé àwọn yóò tọ́jú ìwé yín di ọjọ́ mìíràn. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń pa á rẹ́ lórí fóònù lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ bí ilé iṣẹ́ yẹn bá tún ń wá èèyàn sí ipò mìíràn tó bá iṣẹ́ ọwọ́ yín mu, èsì kúkúrú kan wà tó yẹ kí ẹ kọ kí ẹ tó pa lẹ́tà náà rẹ́.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni èsì bẹ́ẹ̀ wúlò. Ibi tí ẹ dé kí wọ́n tó dá yín padà ló ṣe pàtàkì jù. Bó bá jẹ́ pé síífì yín nìkan ni wọ́n wò, tí ẹnikẹ́ni kò bá yín sọ̀rọ̀, kò sí ohun tí ilé iṣẹ́ náà mọ̀ nípa yín tí èsì lè rán wọn létí. Lọ́pọ̀ ìgbà, kọ̀ǹpútà ló fi lẹ́tà ọ̀hún ránṣẹ́, láti àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú noreply@, tí ẹnikẹ́ni kì í ka èsì tó bá wọ ibẹ̀. Ẹ tún síífì yín kọ kí ó bá ipò tuntun náà mu, kí ẹ sì wá iṣẹ́ náà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ bí ẹ bá ti jókòó níwájú wọn. Àwọn tó fọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò ti kọ nǹkan sílẹ̀ nípa yín, wọ́n ti fún yín ní máàkì, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ jẹ́ ẹnì kejì tàbí ẹnì kẹta lórí ìwé wọn. Ẹni tó ń gbani síṣẹ́ kò fẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọgọ́rọ̀ọ̀rún síífì nítorí ipò mìíràn bó bá ti ní ẹni tó mọ̀ lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí èsì yín fi lè dín iṣẹ́ kù fún un. Ẹ kàn gbọ́dọ̀ rí i pé ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n mú yín kò sí nínú ipò kejì náà. Bó bá jẹ́ ìwé ẹ̀rí àgùnbánirọ̀ ni ẹ kò ní, tí ipò méjèèjì sì ń béèrè rẹ̀, ibì kan náà ni ẹ máa kọsẹ̀ sí. Ẹ gbé ìkéde iṣẹ́ méjèèjì síwájú, kí ẹ kà wọ́n pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ro ti ọ̀dọ́mọbìnrin kan l'Ékòó. Ó wá iṣẹ́ ọ̀gá tó ń bójú tó ìkẹ́rù ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ìyẹ̀fun. Ó ti dé ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ẹlẹ́ẹ̀kejì kí wọ́n tó sọ fún un pé ẹni tó ti ṣe ọ̀gá fún ọdún tó pọ̀ ju tirẹ̀ lọ ni wọ́n mú. Ilé iṣẹ́ yìí kan náà ń wá ẹni tí yóò máa ṣàkọsílẹ̀ ọjà ní sítọ́ọ̀ wọn ní Ìbàdàn. Ipò yẹn kéré sí ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ti ń ṣe fún ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ oníṣòwò ohun mímu kan ni. Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi kọ èsì rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí yóò sọ nìyí:

«Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo dúpẹ́ pé ẹ jẹ́ kí n mọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá tó fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò. Mo rí i pé ẹ ń wá alákọsílẹ̀ ọjà sí sítọ́ọ̀ Ìbàdàn. Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ kí ẹ gbé mi yẹ̀ wò fún un. Bí mo ṣe sọ lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, èmi ni mò ń ka ọjà lóṣooṣù níbi iṣẹ́ mi, tí mo sì ń wá ìdí tí iye tó wà nínú ìwé kò fi bá èyí tó wà nílẹ̀ mu. Mo mọ̀ pé ipò yìí kéré sí èyí tí mo kọ́kọ́ wá. Mo fẹ́ ẹ nítorí pé iṣẹ́ sítọ́ọ̀ ni mo mọ̀ jù, ìdílé mi sì wà n'Íbàdàn. Mo gbà kí ẹ lo síífì mi àti àkọsílẹ̀ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà fún ipò yìí. Ṣé kí n tún fi ìwé sílẹ̀ lórí ìkànnì yín?»

Gbogbo rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbólóhùn tó sọ pé ipò náà kéré ni èmi fẹ́ràn jù nínú rẹ̀. Ẹni tó bá wá iṣẹ́ ọ̀gá lánàá, tó wá ń béèrè iṣẹ́ ọmọ abẹ́ lónìí, ìbẹ̀rù àwọn tó ń gbani síṣẹ́ ni pé kò ní pẹ́ tí yóò fi kúrò. Bí ẹ bá dákẹ́ lórí rẹ̀, wọ́n á parí èrò náà fúnra wọn láìbi yín. Ìdí tòótọ́ kan ṣoṣo ti tó, bí ibùgbé tàbí irú iṣẹ́ náà. Ẹ má ṣe kọ pé iṣẹ́ ti wọ́n tàbí pé ebi ń pa yín, bó tilẹ̀ jẹ́ òótọ́, nítorí pé ìyẹn ló máa fi ìdí ìbẹ̀rù wọn múlẹ̀.

Gbólóhùn nípa lílo síífì náà ní ìwúlò tirẹ̀. Òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ará ìlú, èyí tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023, fẹ́ kí ilé iṣẹ́ lo ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹni fún ìdí tí wọ́n fi gbà á. Bí òṣìṣẹ́ kan bá ń ṣiyèméjì bóyá òun lè gbé ìwé yín láti orí ipò kan sí òmíràn, ẹ ti mú iyèméjì náà kúrò.

Ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀ràn òṣìṣẹ́ ni kí ẹ kọ ọ́ sí, láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ lẹ́tà tí òun alára fi ránṣẹ́, kí gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ ti jọ sọ lè wà níbẹ̀ lójú rẹ̀. Ẹ má ṣe wá nọ́ńbà ọ̀gá ẹ̀ka náà kiri láti fi wáàsáàpù ránṣẹ́ sí i. Àṣìṣe tó sì ń ba irú èsì yìí jẹ́ jù ni kéèyàn kọ pé «iṣẹ́ yòówù kó wà, mo lè ṣe é.» Ẹni tó kà á kò mọ fáìlì tí yóò fi í sí, nítorí ipò kọ̀ọ̀kan ló ní fáìlì tirẹ̀ àti ọ̀gá tó ń wá èèyàn sí i. Orúkọ ipò kan, àti nọ́ńbà rẹ̀ bó bá wà nínú ìkéde, ni kí ẹ dárúkọ. Bí ẹ bá tún fẹ́ mọ ibi tí ẹ kù sí lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ẹ fi ìyẹn sí lẹ́tà mìíràn lọ́jọ́ iwájú.

Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá láìsí èsì, ẹ béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i ní gbólóhùn méjì, kí ẹ sì dákẹ́ lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ tí wọ́n máa ti ìkànnì pa kọjá níbi tí ẹ ti ń retí wọn. Ẹ fi ìwé sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú àdírẹ́sì í-meèlì tí ẹ lò nígbà àkọ́kọ́, kí kọ̀ǹpútà wọn lè so yín pọ̀ mọ́ àkọsílẹ̀ tó ti wà. Níbi tí wọ́n bá ti béèrè bóyá ẹ ti wá iṣẹ́ níbẹ̀ rí, ẹ dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.