Ìbéèrè ìrẹsì tí wọ́n fi ń dán ẹni tó ń ṣe áàpù wò

Bí ilé-iṣẹ́ bá pe ẹni tó ń ṣe áàpù fóònù wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ìbéèrè kan wà tó tètè ń fi ẹni tó mọ iṣẹ́ hàn yàtọ̀ sí ẹni tó kàn há ìwé sórí. Ká ní ìyá kan ń ta ìrẹsì ní ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn, tó sì ń fi áàpù orí fóònù Áńdírọ́ìdì béèrè ọjà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń kó o fún un. Ó ti tẹ 20 àpò, kò tíì fi ránṣẹ́, ni oníbàárà kan bá pè é. Wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ́, ìyá náà sì ṣí kámẹ́rà láti ya ìrẹsì náà fún un. Nígbà tó bá padà sórí áàpù, ṣé yóò bá 20 àpò rẹ̀ níbẹ̀? Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá sì ti lọ ńkọ́?

Ẹni tó há a sórí yóò ka orúkọ ìpele tí ojú ìwé áàpù máa ń gbà kọjá: `onCreate`, `onStart`, `onResume`, títí dé `onDestroy`. Kò purọ́, ṣùgbọ́n kò tíì dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Bí kámẹ́rà bá ti bo áàpù náà pátápátá, `onStop` ló dé. Láti ìgbà yẹn lọ, bí ààyè bá há nínú fóònù, Áńdírọ́ìdì lè pa áàpù náà láìpe `onDestroy` rárá. Nítorí náà, ẹni tó bá fi ìtọ́jú iṣẹ́ oníbàárà rẹ̀ dúró de `onDestroy` ti pàdánù rẹ̀. `ViewModel` náà kò gbà á sílẹ̀: ó máa ń wà níbẹ̀ bí èèyàn bá yí fóònù sí ẹ̀gbẹ́, àmọ́ bí áàpù bá kú, òun náà kú.

Ibi tó yẹ kí 20 àpò náà wà ni Room, ìyẹn irinṣẹ́ Google tó jókòó lórí SQLite, àká àkọsílẹ̀ inú fóònù tó ti wà láti ọdún 2000. Bí ìyá náà ti ń tẹ iye ọjà ni kí áàpù ti máa kọ ọ́ síbẹ̀. Bó bá wá tẹ̀ ẹ́ pé kó lọ, kí áàpù má ṣe máa yí bìrìbìrì lójú rẹ̀ níbi tó ti ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kó kọ "ó ń dúró" sí ẹ̀gbẹ́ ọjà náà nínú Room, kó sì gbé iṣẹ́ náà lé WorkManager lọ́wọ́. WorkManager yóò dúró de nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kódà bí wọ́n bá pa fóònù tí wọ́n tún tàn án. Bí ìgbìyànjú kan bá kùnà tí áàpù sì ní kó tún un ṣe, yóò dúró ní ìṣẹ́jú-àáyá 30, lẹ́yìn náà ni yóò máa sọ àkókò náà di ìlọ́po méjì.

Àwọn kan máa ń dúró síbẹ̀, wọ́n á rò pé ó ti parí. Ibi tó le jù ló kù.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń wá tó ń lọ burú ju èyí tí kò sí rárá lọ. Ọjà lè dé ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́, kí kọ̀ǹpútà wọn kọ 20 àpò sílẹ̀, kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wá já kí èsì tó dé ọ̀dọ̀ ìyá náà. Lójú áàpù, kò dé nìyẹn. Yóò tún un fi ránṣẹ́, 20 á di 40, wọn yóò sì já ìrẹsì tí kò béèrè fún sílẹ̀ fún un.

Ohun tó ń wo èyí sàn ni nọ́ńbà àdáni kan tí fóònù fúnra rẹ̀ ṣe, tó sì kọ sínú Room pọ̀ mọ́ ọjà náà. Iye ìgbà yòówù kó fi í ránṣẹ́, nọ́ńbà kan náà ni yóò máa tẹ̀ lé e. Bí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ bá ti rí nọ́ńbà náà rí, èsì àkọ́kọ́ ni yóò dá padà, kò ní kọ ọjà tuntun. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí áàpù máa ṣe nọ́ńbà tuntun nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá tún gbìyànjú. Ẹ ó mọ̀ ọ́n nínú ìwé ilé-iṣẹ́: oníbàárà kan náà, iye kan náà, ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ síra, nọ́ńbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Gbogbo èyí ní ibi tó mọ. Bí wọ́n bá yọ áàpù náà kúrò kí ọjà tó lọ, ohun tó wà nínú Room bá a lọ. Fóònù kò sì lè mọ̀ bóyá 20 àpò ṣì wà ní ilé ìkẹ́rùsí, nítorí náà kò gbọ́dọ̀ sọ pé "a ti gbà á" kí ilé-iṣẹ́ tó fèsì.

Ìdánwò rẹ̀ kò gba àkókò. Ẹ tẹ 20, ẹ padà sí ojú fóònù, kí ẹ wá pa áàpù náà láti orí kọ̀ǹpútà:

```
adb shell am kill com.example.oja
```

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí i padà láti inú àwọn áàpù tí ẹ lò kẹ́yìn. Ẹ̀yin tó ń gba èèyàn síṣẹ́, ẹ ní kí ó ṣe é lójú yín, kó sì ṣàlàyé ibi tí 20 náà wà.